Fídíò kan náà, agbára kan náà: bí a ṣe ń wọn ìró kí fídíò tó lọ sórí Yútúùbù, Wasáàpù àti ibòmíràn

Fídíò náà dún kíkankíkan lórí lápútọ́ọ̀pù yín. Ẹ gbé e sórí Yútúùbù, ẹ ṣí i lórí fóònù, ó wá dà bíi pé inú yàrá kejì ni àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wà. Ẹ padà sídìí iṣẹ́, ẹ fa ohun gbogbo sókè, ẹ tún un gbé lọ. Ọ̀rọ̀ ṣì rẹlẹ̀, ìlù ti wá ń fọ́.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi pẹ̀lú fídíò ìṣẹ́jú 9 kan tí mo ṣe fún bàbá onílù dùndún kan ní Ìlódè, níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni ìlù, ọ̀rọ̀ bàbá ló kún ìyókù. Nígbà tí ọmọ bàbá ṣí i fún wọn lórí fóònù, wọ́n pè mí: “Ìlù mi ni mo gbọ́, n kò gbọ́ ara mi o.” Fídíò yẹn náà ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú nọ́ńbà tí mo rí ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè fi wé tiyín.

Ohun tí ẹ nílò

- Ohun èlò tí ẹ fi ń gé fídíò, tó ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, tó ń tẹ ibi tí ìró ti ga mọ́lẹ̀, àti límítà, tí kì í jẹ́ kí ìró kọjá ibi tí ẹ bá dá fún un. DaVinci Resolve ọ̀fẹ́ ni mo ń lò. Orúkọ tí màá dá nínú rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀.
- `ffmpeg`, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Òun ni òṣùwọ̀n wa. Ẹni tí kò ní lápútọ́ọ̀pù lè fi Termux gbé e sórí fóònù Áńdírọ́ìdì. Ẹ kàn tẹ `pkg install ffmpeg`.
- Họ́ọ̀nù etí kan tó dára díẹ̀, àti fóònù lásán kan. Ẹ má fi sípíkà ńlá rọ́pò fóònù, torí fóònù ni àwọn òǹwòran máa fi gbọ́ ọ.

Nọ́ńbà méjì péré ni a ó máa wò. Èkíní ni ìwọ̀n dídún, tí ẹ̀rọ ń kọ ní LUFS: bí gbogbo iṣẹ́ náà ṣe lágbára tó ní etí ènìyàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èkejì ni ṣóńṣó, ibi tí ìró ti ga jù lọ, bí kò tilẹ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Òdo ni òrùlé ilé, abẹ́ òrùlé ni gbogbo wa wà, ìdí nìyẹn tí àmì ìyọkúrò fi máa ń wà níwájú nọ́ńbà wọ̀nyí. Nítorí náà -14 lágbára ju -20 lọ. Nígbàkúgbà tí mo bá sì ní a gbé ìró sókè tàbí sísàlẹ̀ ní 3 tàbí 10, dẹ́síbẹ̀lì, dB, ni mo ń kà.

Ibi tí à ń lọ ni -14 LUFS, kí ṣóńṣó má kọjá -1. Yútúùbù ń lo -14, Sípọ́tífáì náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: fídíò tó bá lágbára ju -14 lọ, Yútúùbù á fà á wálẹ̀. Èyí tó bá rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní gbé e sókè, bó ṣe bá a ni yóò fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé -20 lọ, -20 ni wọn yóò gbọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò ẹlòmíràn tó wà ní -14.

Ìpele 1: Ẹ wò ó bóyá ohùn wà ní etí méjèèjì

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò kọjá, ó sì ń ba gbogbo ìwọ̀n jẹ́. Ọ̀pọ̀ máìkì tí à ń fi há ẹ̀wù, bí wọ́n bá gba inú wáyà wọ kámẹ́rà, etí òsì nìkan ni wọ́n máa ń wọlé sí. Lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú tó ní sípíkà kan, ẹ lè má fura rárá. Ẹ fi họ́ọ̀nù sétí: bí ọ̀rọ̀ bá ń ti etí kan ṣoṣo wá, ó ti rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ní Resolve, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ gígé fídíò náà, ẹ yan `Clip Attributes`, ẹ lọ sí `Audio`, ẹ sọ ọ́ di `Mono`, kí ẹ sì yan ẹ̀gbẹ́ tí ohùn wà nínú rẹ̀. Ohùn yóò bọ́ sí àárín.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì nìyí: òṣùwọ̀n LUFS máa ń ro agbára etí méjèèjì pọ̀ ni. Ohùn kan náà, bí ó bá wà ní etí kan, yóò kà ní 3 sísàlẹ̀ ju bí ó bá wà ní méjèèjì lọ. Ohùn bàbá wà ní etí òsì nìkan, ó sì ka -28.1. Nígbà tí mo dà á sí etí méjèèjì, ó di -25.1 láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan bọ́tìnnì agbára. Ká ní mo ti fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ sí i kí n tó rí èyí ni, gbogbo ìṣirò tó kù ni ì bá wọ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ yọ họ́ọ̀nù òsì létí, kí ẹ gbọ́. Ẹ yọ tọ̀tún, kí ẹ gbọ́. Kò gbọdọ̀ sí ìyàtọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ìpele 2: Ẹ wọn ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ wọn ìlù lọ́tọ̀

Ẹ pa ìlù lẹ́nu mọ́ nínú iṣẹ́ yín, kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ nìkan jáde gẹ́gẹ́ bíi fáìlì WAV. Lẹ́yìn náà ẹ pa ọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́, kí ẹ gbé ìlù nìkan jáde. Mo pe tèmi ní `oro.wav` àti `ilu.wav`. Ẹ má kọ àmì ohùn sí orúkọ fáìlì, kí àṣẹ má baà da yín láàmú. Ẹ wá ṣí tẹ́mínà nínú fódà tí fáìlì náà wà, kí ẹ tẹ èyí:

```
ffmpeg -hide_banner -i oro.wav -af ebur128=peak=true -f null -
```

Nọ́ńbà á máa sáré kọjá lójú yín. Ẹ má wo ìyẹn. Ìkádìí tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹ fẹ́, níbi tí wọ́n kọ `Summary` sí. Nínú rẹ̀, `I:` ni ìwọ̀n dídún, `Peak:` ní abẹ́ `True peak` sì ni ṣóńṣó. Tèmi rèé:

```
oro.wav    I: -25.1 LUFS    Peak:  -7.3 dBFS
ilu.wav    I: -15.2 LUFS    Peak:  -0.2 dBFS
```

Ẹ lè máa rò ó pé fáìlì ọ̀rọ̀ ní àlàfo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ níbi tí ìlù ti wà tẹ́lẹ̀, pé ìyẹn á fa ìwọ̀n wálẹ̀. Rárá. Òṣùwọ̀n yìí kì í ka ohun tó bá rẹlẹ̀ ju -70 lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ka ibi tó fi ju 10 lọ rẹlẹ̀ sí ìwọ̀n gbogbo iṣẹ́ náà. Bí bàbá bá dákẹ́ láti ronú, ìdákẹ́ wọn kò ní bà wọ́n jẹ́.

Ẹ wá wo bí nọ́ńbà méjì yìí ṣe jìnnà síra: 10 ló wà láàárín wọn, 13 sì ni kí n tó tún etí òsì ṣe. Aáwọ̀ ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Nígbà tí mo gbé fídíò lọ lákọ̀ọ́kọ́ láìṣe ohunkóhun, -20.0 ni gbogbo rẹ̀ pọ̀ kà, ọ̀rọ̀ bàbá sì wà ní 8 nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tó ń wò ó á gbé fóònù rẹ̀ sókè kí ó lè gbọ́ bàbá. Ìlù á wọlé, á sì sáré fà á wálẹ̀.

Ìgbà kejì ni mo ṣe àṣìṣe tí gbogbo èèyàn ń ṣe. Mo fa gbogbo rẹ̀ sókè ní 12. Ìlù tí ṣóńṣó rẹ̀ ti wà ní -0.2 kò rí ibi gbà, ó lọ ń forí sọ òrùlé, orí dùndún sì di ohun tó ń fọ́ bí páánù. Gbogbo fídíò ka -10.6. Yútúùbù wò ó, ó rí i pé ó fi 3.4 ju -14 lọ, ó fà á wálẹ̀ ní 3.4. Ọ̀rọ̀ bàbá parí sí -19.5, ìlù tó ti fọ́ kò sì ṣeé tò padà. Bí ìlù bá ti fọ́ nínú fáìlì, kò sí fífà wálẹ̀ tó lè wò ó sàn.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ní nọ́ńbà mẹ́rin lọ́wọ́, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ àti ìlù ni ìpele 3 àti 4 máa tò.

Ìpele 3: Ẹ gbé ọ̀rọ̀ dé -14.5

Ọ̀rọ̀ ni a ń kọ́kọ́ tò, nítorí òun ni òǹwòran fi ń pinnu ibi tí yóò gbé fóònù rẹ̀ sí. Ohun mìíràn á wá tò lẹ́yìn rẹ̀.

Láti -25.1 dé -14.5 jẹ́ 10.6. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi 10.6 kún un lásán, ṣóńṣó rẹ̀ tó wà ní -7.3 yóò di +3.3, ìyẹn á gun orí òrùlé. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀: yóò tẹ ibi tí ohùn ti ga mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí àyè lè wà láti gbé gbogbo rẹ̀ sókè. Bàbá onílù máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á wá bú sẹ́rìn-ín lójijì. Ẹ̀rín yẹn ló ń gba àyè.

Ẹ tẹ̀ lé e báyìí, lórí ojú ọ̀nà ọ̀rọ̀ nìkan:

1. Ẹ gé ìró ìsàlẹ̀ kúrò. Nínú `EQ`, ẹ ṣí èyí tó ń gé ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé e sí 80 hẹ́ẹ̀sì fún ohùn ọkùnrin, 100 fún obìnrin. Afẹ́fẹ́, ìró ọkọ̀ àti gbígbọ̀n jẹnẹrétọ̀ ló pọ̀ jù lábẹ́ ibẹ̀.
2. Ẹ ṣí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. `Ratio` sí 3:1, `Attack` sí bíi mílísẹ́kọ́ndù 10, `Release` sí bíi 150.
3. Ẹ máa fa `Threshold` wálẹ̀ bí ohùn ṣe ń lọ, títí abẹ́rẹ́ tó ń fi bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ hàn yóò fi dé 4 sí 6 níbi tí ẹni náà ti pariwo jù. Níbi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ mira púpọ̀.
4. Ẹ fi límítà sí ìparí, òrùlé rẹ̀ ní -1.5. Bí ẹ bá gbé ohùn sókè, òun ni yóò mú èyí tó bá ṣẹ́kù.
5. Ẹ gbé ohùn sókè pẹ̀lú `Makeup`, ẹ gbé ọ̀rọ̀ nìkan jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ wọ̀n ọ́n.

Tèmi ka -16.9 nígbà àkọ́kọ́. Mo fi 2.4 kún `Makeup`, mo tún un wọ̀n, ó wà ní -14.6. Ẹ má ṣe lépa ìdá mẹ́wàá kan ṣoṣo ní gbogbo ọ̀sán, 0.3 sókè tàbí sísàlẹ̀ kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ẹ fẹ́ fiyè sí dáadáa. Bí ẹ ṣe gbé ohùn sókè ní 10, ẹ gbé gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sókè pẹ̀lú. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí mo lọ sí Ìlódè, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà lẹ́yìn ilé, n kò tilẹ̀ gbọ́ ọ nígbà tí mo ń gba ohùn. Lẹ́yìn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, nígbàkúgbà tí bàbá bá dákẹ́, jẹnẹrétọ̀ á sáré wọlé bí ẹni pé ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Èyí kò ní oògùn tó dára nínú kọ̀ǹpútà. Mo dín `Ratio` kù sí 2:1, mo sì fi ọwọ́ fa ohùn sísàlẹ̀ níwọ̀n 6 ní àárín gbólóhùn méjì-méjì. Ó gbà mí ní wákàtí kan àti díẹ̀. Ká ní mo ti mú máìkì sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá sí i ni, n kò ní ṣe é.

*Àyẹ̀wò:* ẹ pa ojú dé, kí ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá ń gbọ́ mímí kíkankíkan tàbí àyíká tó ń wú tó sì ń fà, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti pọ̀ jù. Bí ọ̀rọ̀ kan bá já lójijì tó yọ sí yín ní etí, kò tíì tó.

Ìpele 4: Ẹ gbé ìlù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀

Níbi tí ìlù ti dá wà láìsí ọ̀rọ̀, mo máa ń fẹ́ kí ó fi 1 tàbí 1 ààbọ̀ ga ju ọ̀rọ̀ lọ. Bí wọ́n bá dọ́gba, ìlù á dà bí ẹni pé ó rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ju 3 lọ, ẹni tó ń wò ó lórí ibùsùn lóru á fi fóònù sílẹ̀.

Ìlù mi wà ní -15.2, mo sì fẹ́ kí ó dé -13. Ìyẹn jẹ́ 2.2, ṣùgbọ́n ṣóńṣó rẹ̀ ti wà ní -0.2. N kò fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ sí i, torí agbára dùndún wà ní bí kọ̀ǹgọ́ ṣe ń kan awọ. Bí ẹ bá tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ìlù á dún bí ẹni ń fọwọ́ lu tìmùtìmù. Límítà nìkan ni mo fi sí i, òrùlé ní -1.5, mo sì fi 2.2 kún un ṣáájú límítà. Ó ní láti gé nǹkan bíi 3 ààbọ̀ kúrò níbi tí ọwọ́ bàbá ti le jù. Etí mi gbà á. Bí ẹ bá rí i pé límítà ń gé ju 5 lọ nínú ìlù, ẹ gbà fún un, kí ẹ jẹ́ kí ìlù wà ní -14 dípò -13.

Ohun mìíràn wà tí ìwé àwọn òyìnbó kò ní sọ fún yín. Wọ́n á ní kí ẹ fi orin sábẹ́ ọ̀rọ̀ ní 15 sísàlẹ̀, ó sì dára fún gìtá. Dùndún kì í ṣe gìtá. Ìlù yẹn ń sọ̀rọ̀. Etí Yorùbá kò lè gbọ́ dùndún kó má gbìyànjú láti mọ ohun tó ń wí, nítorí náà bí ó bá wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn, ẹnu méjì ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tí wọ́n máa gbọ́ délẹ̀. Pàápàá, ohùn dùndún àti ohùn ọkùnrin jọ ń gbé inú àgbègbè kan náà, wọ́n á bo ara wọn. Mo gbé e sí 15 sísàlẹ̀, ó ṣì ń dà mí láàmú. Ní 20 ni mo tó fara mọ́ ọn, níkẹyìn mo yọ ọ́ kúrò pátápátá, mo fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rọ́pò rẹ̀ ní 15.

*Àyẹ̀wò:* ẹ wọn `ilu.wav` tuntun. Tèmi ka -13.1, ṣóńṣó -1.4.

Ìpele 5: Ẹ gbé odindi jáde, kí ẹ wọ̀n ọ́n

Ẹ gbé fídíò jáde bí ẹ ṣe máa ń ṣe, ohùn ní AAC, hẹ́ẹ̀sì 48000, kílóbíìtì 256 tàbí 320. Lẹ́yìn náà ẹ wọn fáìlì fídíò náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ kan náà:

```
ffmpeg -hide_banner -i baba-onilu.mp4 -af ebur128=peak=true -f null -
```

Tèmi: `I: -14.1 LUFS`, `Peak: -1.0 dBFS`.

Ẹ wò ó pé òrùlé límítà wà ní -1.5, síbẹ̀ ṣóńṣó fáìlì wà ní -1.0. Kò sí ẹni tó jí nǹkan. Nígbà tí a bá fún ìró pọ̀ sí AAC, a kì í tò ó padà gẹ́lẹ́ bó ṣe wà, àwọn ibi kan á wú díẹ̀. Yútúùbù pẹ̀lú á tún un fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, Wasáàpù á sì fún un pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àyè tí a fi sílẹ̀ lókè ni wíwú yẹn ń lò. Ẹni tó bá ti lẹ òrùlé mọ́ 0, fáìlì rẹ̀ lè mọ́ lórí kọ̀ǹpútà, kó máa ta lórí fóònù.

Bí ìwọ̀n yín bá jẹ́ -14.8, ẹ padà sínú iṣẹ́, kí ẹ gbé ojú ọ̀nà ọ̀rọ̀ àti ti ìlù sókè ní 0.8, ṣáájú límítà. Ẹ má gbé fáìlì tó ti jáde sókè, torí límítà kò sí níbẹ̀ mọ́ láti dì í mú.

Ọ̀rọ̀ kan lórí àṣẹ `loudnorm` tí àwọn ènìyàn máa ń pín kiri pé òun nìkan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sáré fi í ṣe e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìkọ́kọ́ wọn fáìlì kí ẹ tó padà fún un ní nọ́ńbà tó rí, ńṣe ni yóò máa gbé ohùn sókè sódò bí fídíò ṣe ń lọ. Lórí ọ̀rọ̀ lásán, ẹ lè má gbọ́ ọ. Lórí ìlù tó wọlé lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ìlù á kọ́kọ́ le, á wá rọ̀. Mi ò lò ó fún iṣẹ́ tó ní ìlù.

*Àyẹ̀wò:* láàárín -14.5 sí -13.5, ṣóńṣó -1.0 tàbí sísàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹ má tíì gbé e lọ.

Ìpele 6: Ẹ dán an wò níbi tí yóò gbé

Lórí Yútúùbù, ẹ gbé e lọ ní `Unlisted`. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orí fídíò, ẹ yan `Stats for nerds`. Nínú àpótí dúdú tó yọ, ẹ wá ìlà `Volume / Normalized`. Èyí ni mo rí fún fídíò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láti orí èyí tó kùnà dé èyí tó tọ́:

```
100% / 100% (content loudness -6.0dB)
100% / 68%  (content loudness 3.4dB)
100% / 100% (content loudness -0.1dB)
```

Bí nọ́ńbà inú àkámọ́ bá ní àmì ìyọkúrò, fídíò yín rẹlẹ̀ ju -14 lọ níwọ̀n bẹ́ẹ̀, wọn kò sì gbé e sókè. Ẹ rí i pé 100% ṣì ni. Bí kò bá ní àmì, ó ga jù, ìdá ọgọ́rùn-ún kejì sì ni iye tí wọ́n fi sílẹ̀ fún yín. Àárín -0.5 sí 0.5 ni ẹ ń wá. Ẹ pa `Stable volume` ní ibi ètò kí ẹ tó fetí ṣe ìdájọ́, torí òun náà máa ń tẹ ohùn mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ.

Fún Wasáàpù, ẹ má ṣe gbọ́ ọ lórí fóònù tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù mìíràn, kí ẹ mú fáìlì tó dé ibẹ̀ padà sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì wọn òun gan-an. Èyí tó dé fóònù ìyàwó mi ka -14.2, ṣóńṣó -0.4. Ìwọ̀n kò yí, ṣóńṣó ló wú, àyè tí mo fi sílẹ̀ ló gbà á.

Níbòmíràn tí wọn kò fi nọ́ńbà hàn yín, ẹ ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é: ẹ gbé fídíò náà lọ ní ìkọ̀kọ̀, ẹ ṣí fídíò mẹ́ta tí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ inú wọn yè kooro, ẹ wá ṣí tiyín ṣìkẹrin, láìfọwọ́ kan bọ́tìnnì fóònù. Bí ọwọ́ yín bá ń yún yín láti gbé e sókè, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló rẹlẹ̀, ẹ padà sí ìpele 3. Bí ó bá jẹ́ wí pé ìgbà tí ìlù wọlé ni ọwọ́ ń yún yín láti fà á wálẹ̀, ìpele 4 ni.

Bí ẹnìkan bá béèrè nọ́ńbà mìíràn

Apple Podcasts fẹ́ -16. Ilé tẹlifíṣàn tó ń tẹ̀ lé òfin Yúróòpù fẹ́ -23, ti Amẹ́ríkà -24. Ẹ má ṣe iṣẹ́ tuntun. Láti -14 lọ sí -16 jẹ́ 2 sísàlẹ̀, sísàlẹ̀ kò sì léwu rí. Ìlà kan ló ń ṣe é, fídíò kò sì ní yí padà:

```
ffmpeg -i baba-onilu.mp4 -af volume=-2dB -c:v copy -c:a aac -b:a 256k baba-16.mp4
```

Fún -23, ẹ kọ `-9dB` dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé tẹlifíṣàn ni, mo máa ń padà sí ìlù tí kò ní límítà, kí n gbé e sí i ní ìpele tirẹ̀, nítorí ní -23 òrùlé jìnnà, kò sí ìdí láti gé orí dùndún. Ẹ pa fáìlì iṣẹ́ yín mọ́, kì í ṣe èyí tó jáde nìkan.

Mo gbé ẹ̀kẹta lọ fún bàbá ní Ìlódè fúnra mi. Wọ́n gbọ́ ọ tán lórí fóònù ọmọ wọn, wọ́n ní kí n padà sí ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín.